Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá: ìbéèrè "ká ní" nínú ìdánwò ìtàn

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Irú ẹjọ́ yìí ni olùkọ́ ìtàn ń dá tó bá béèrè pé "Ká ní àdéhùn Kírìjì kò wáyé ńkọ́?", tí ìdáhùn kan ṣoṣo sì ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ tó bá gba ọ̀nà mìíràn ti jẹ̀bi kó tó lanu.

Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ kò ní ààlà. Ta ló kọ̀ láti tọwọ́ bọ àdéhùn? Títí di ọdún wo? Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń bá a jà, tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ibùdó ogun kò tú títí di 1893. Bí màá ṣe bi í nìyí: "Ká ní àwọn olórí Èkìtìparapọ̀ kọ̀ láti tọwọ́ bọ àdéhùn 1886, ṣé ogun náà ì bá pẹ́ ju 1893 lọ?" Ohun kan ṣoṣo la yí padà, a sì mọ ibi tí ìtàn yóò dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ní ogun ì bá pẹ́ sí i, torí òmìnira kúrò lábẹ́ Ìbàdàn ni Èkìtìparapọ̀ torí rẹ̀ jagun, àdéhùn ló sì fi fún wọn. Òmíràn lè ní kò ní yàtọ̀: àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kò kó kúrò bí àdéhùn ṣe wí, Ìlọrin ṣì ń bá Ọ̀fà jà, Gómìnà Carter láti Èkó ló sì tú ibùdó ká ní 1893. Àwọn méjèèjì lè gba máàkì kíkún. Ẹni tó kọ pé "Òyìnbó kì bá tí wọ ilẹ̀ Yorùbá" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró, nítorí láti 1861 ni wọ́n ti gba Èkó.

Nínú 20, mo máa ń fi 8 sí òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, 8 sí bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra wọn, 4 sí gbígbé èrò òdìkejì yẹ̀ wò. Ibi tí ìdáhùn parí sí kò ní máàkì kankan. Bí ọmọ bá sọ pé Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ì bá kọ̀ láti tọwọ́ bọ̀wé, ó ṣìnà, torí ọkùnrin náà ti kú ní 1885. Tó bá kàn mẹ́nu bà á ni, máàkì kan lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé dúró lé, okùn ti já níbẹ̀, 8 kejì náà á dín kù gan-an.

Kí n tó máàkì gbogbo ìwé, mo máa ń fún olùkọ́ mìíràn ní díẹ̀ láìjẹ́ kó rí iye tí mo fún wọn. Bí iye wa bá jìnnà síra, ìlànà máàkì la máa ń kọ́kọ́ tún kọ, kì í ṣe ọmọ náà la máa ń bá wí.