Dídú àwòrán ọ̀sán kò ní kó di àṣálẹ́

Wọ́n tún ti ń sọ bí a ṣe ń sọ àwòrán ilé tí a yà ní ọ̀sán di ti àṣálẹ́ kiri: "Fa ìmọ́lẹ̀ àwòrán ilé náà wálẹ̀, da búlúù lé e, kun fèrèsé ní yẹ́lò, ó parí." Kò parí o. Ilé ọ̀sán tí èèyàn ń wò láti inú jíígí dúdú lẹ ṣe yẹn.

Òjìji ló ń tú àṣírí. Ẹ mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ògiri rẹ̀ funfun, tí oòrùn ọ̀sán ju òjìji etí òrùlé sí i lára ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ní àṣálẹ́, oòrùn ti wọ̀. Gbogbo ojú ọ̀run ló kù tó ń tan ìmọ́lẹ̀, nítorí náà kò sí òjìji tí etí rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ẹ ṣe wù kẹ́ ẹ dú àwòrán náà tó, ìlà yẹn á ṣì wà lára ògiri, ilé á wá dà bí èyí tí òṣùpá ń ràn sí.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ya ilé náà, tí fáìlì 3D rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa oòrùn, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún un yà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan. Bó bá jẹ́ àwòrán nìkan lẹ ní, ẹ ṣí i nínú Photoshop, kí ẹ sọ ọ́ di 16 Bits/Channel. Ẹ fi Lasso yí òjìji náà ká, kí ẹ fi Curves gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè títí yóò fi bá ibi tí oòrùn ràn sí dọ́gba. Búlúù máa ń pọ̀ nínú òjìji, ẹ dín in kù níbẹ̀. Ìlà tó bá ṣẹ́ kù, Clone Stamp ni kẹ́ ẹ fi pa á rẹ́. Ìgbà yìí lẹ tó lè dú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dú u yóò rí i pé òjìji ti di dúdú kirikiri, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ tí a lè gbé sókè.

Fèrèsé ńkọ́? Ojú ọ̀run ọ̀sán ṣì ń hàn nínú gíláàsì rẹ̀. Yẹ́lò tẹ́ ẹ bá kùn lé e á dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ yọ ojú ọ̀run yẹn kúrò, kí ẹ fi àwòrán yàrá síbẹ̀, kó mọ́lẹ̀ jù lọ́dọ̀ gílóòbù, kó máa ṣú bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé kan tàbí méjì ṣókùnkùn.

Mo gbà pé bí ìkùukùu bá bo oòrùn nínú àwòrán ọ̀sán náà, ọ̀nà àbùjá yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé wò.

Ní ti iná ọgbà, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kun yẹ́lò sórí koríko, kùrukùru ló máa dà. Ẹ fi Adjustment Layer Curves míì gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, kí ẹ sọ Layer Mask rẹ̀ di dúdú kó lè fi ìmọ́lẹ̀ náà pa mọ́, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tó rọ̀ ṣí i sílẹ̀ nídìí iná, koríko á ṣì máa hàn ní koríko. Ìmọ́lẹ̀ tó wà ní mítà kan sí gílóòbù, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan péré ló ń kù ní mítà méjì, torí náà kó tètè ṣá. Ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà gbọ́dọ̀ ní òjìji tirẹ̀, kó nà lọ sí òdìkejì iná.