Kì í ṣe gbogbo .0 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í ṣe gbogbo .255 ni bródíkáàsì

"Má fi àdírẹ́ẹ̀sì tó parí sí .0 tàbí .255 fún ẹ̀rọ kankan o." Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, èmi náà sì ti fi kọ́ ọmọṣẹ́ rí. Àṣìṣe ni, ó sì ti gba odidi ọ̀sán kan lọ́wọ́ mi.

Ọ́fíìsì kan ní 192.168.10.0/24, wọ́n ní kí n pín in sọ́nà mẹ́rin ọgbọọgba. Bíìtì méjì la máa yá kí ọ̀nà mẹ́rin tó jáde, nítorí náà /24 di /26, másíkì sì di 255.255.255.192. Ẹ yọ 192 kúrò nínú 256, ó ku 64: iye àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ìpín àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti .0, èyí tó tẹ̀ lé e láti .64, lẹ́yìn náà .128 àti .192. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Èyí tó kẹ́yìn ni bródíkáàsì, ohun tí a bá fi ránṣẹ́ sí i, gbogbo ẹ̀rọ inú ìpín náà ló máa ń gbà á. Ó ku 62 fún ẹ̀rọ: .1 dé .62 nínú ti àkọ́kọ́, .65 dé .126 nínú ìkejì.

Mo wá fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní .63. Ṣebí kò parí sí 255! Ẹ̀rọ náà gbà á láìjanpata, torí másíkì 255.255.255.0 tó bá wá látilé ni mo fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rí ìwé tẹ̀. Láptọ́ọ̀pù Linux mi ló tú àṣírí:

```
$ ping 192.168.10.63
ping: Do you want to ping broadcast? Then -b. If not, check your local firewall rules
```

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹ jẹ́ ká pín 172.16.0.0/20 sí mẹ́rin. Ó di /22, másíkì 255.255.252.0, nọ́ńbà kẹta ló ń fo mẹ́rin-mẹ́rin báyìí: 0, 4, 8, 12. Ìpín àkọ́kọ́ lọ láti 172.16.0.0 dé 172.16.3.255, àdírẹ́ẹ̀sì 1024. Méjì tó wà ní ìpẹ̀kun nìkan lèèwọ̀, 1022 ló ṣeé lò. 172.16.0.255 àti 172.16.1.0 wà láàárín gbùngbùn, wọ́n fara kan ara wọn, ẹ lè fún ẹ̀rọ èyíkéyìí.

Ibo ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Nígbà tí wọ́n ṣì ń pín àdírẹ́ẹ̀sì sí kíláàsì, nọ́ńbà ìkẹyìn nìkan ni kíláàsì C máa ń fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, nítorí náà .0 àti .255 ni ìpẹ̀kun lóòótọ́. CIDR fòpin sí kíláàsì ní 1993, àmọ́ òfin àtijọ́ kò kúrò lẹ́nu wa.

Kò kúrò nínú àwọn ẹ̀rọ kan pẹ̀lú. Mo ti rí àwọn àtijọ́ tó ń kọ̀ láti gba .255 tó wà láàárín /22. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ irú àdírẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ohun tí DHCP máa pín, bí ẹ̀rọ àtijọ́ bá wà nílẹ̀.