Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà: pẹ́ńṣàn náírà lókè òkun

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ẹni tó ń gba pẹ́ńṣàn ní náírà, tó sì ń ná dọ́là, ni òwe yìí ń bá wí. Iye tó ń wọlé sórí fóònù rẹ̀ lópin oṣù ni ẹẹ́fà tirẹ̀, iye yẹn kì í yẹ̀. Ohun tí iye náà lè rà níbi tó ń gbé ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n lọ bá ọmọ wọn obìnrin ní Húsítìnì, ní Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ṣírò ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn wọn níwájú mi lórí bébà tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà: 150,000 náírà lóṣù, dọ́là kan tó bí 750 náírà lọ́wọ́ àwọn Mọ́là tó ń ṣẹ́ owó ní Sábó, ó di 200 dọ́là. Wọ́n ní àwọn á máa fún ọmọ àwọn ní 200 dọ́là yẹn fún owó oògùn àti owó iná, pé àwọn ò ní í di ẹrù sí i lórí. Ẹnu mi yún mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀. Ìṣírò wọn péye. Ìlérí yẹn ni kò bá ìṣírò lọ, torí wọ́n fi dọ́là ṣe ìlérí nígbà tó jẹ́ náírà ló ń wọlé fún wọn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni báǹkì àgbà ìjọba tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, iye ìjọba, ìyẹn iye tí báǹkì fi ń ṣẹ́ dọ́là kan, kúrò ní nǹkan bí 470 náírà, ó fò kọjá 600. Ó ṣe díẹ̀, ó di oṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là kan lọ́jà àdúgbò sì fẹ́ẹ̀ tó 1,900. Àwọn 150,000 ọ̀hún ṣì ń wọlé láìyẹ̀, ṣùgbọ́n dọ́là 79 péré ni. Ọmọ ò bi wọ́n léèrè. Àwọn fúnra wọn ni wọn ò lè sùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí pẹ́ńṣàn ò fi lè sáré tẹ̀lé dọ́là. Abala 210 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣàn àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá tilẹ̀ pa á mọ́. Òwúrọ̀ kan péré ni dọ́là ń lò.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n wá ṣe ló dùn mí jù. Wọ́n ní 600,000 náírà tí wọ́n tọ́jú sí báǹkì níbí. Nínú oṣù Kejì yẹn, jìnnìjìnnì mú wọn, wọ́n ní kí n bá wọn ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ kó tó di 3,000 náírà sí dọ́là kan. Mo lọ sí Sábó, mo ṣẹ́ ẹ ní 1,900, nǹkan bí 316 dọ́là ló jẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin, náírà gbéra padà, ó dé nǹkan bí 1,200. Ìyẹn ni pé owó kan náà ì bá di 500 dọ́là. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bí dọ́là ṣe ń gòkè náà ló ń rọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò rọ̀. Ká ní ó jẹ́ owó tí wọ́n máa ná ní Húsítìnì lóṣù náà ni, kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú orùlé ilé wọn ní Mọ́lété ni. Náírà ni wọ́n máa fi ra páànù. Nígbà tí àkókò òjò dé, ọmọ ló tún fi dọ́là ránṣẹ́ sílé láti ra páànù yẹn.

Ọmọ náà ló rí ohun tí èmi àti bàbá rẹ̀ ò rí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Bọ̀dá, owó Dádì ń lọ sókè òkun, owó tèmi ń bọ̀ nílé, wọ́n ń pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì ń san owó oníbodè.” Mo rẹ́rìn-ín títí. Oṣooṣù lòun náà ń fi nǹkan bí 100,000 náírà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn: owó mègáàdì, oògùn ìyá ìyá rẹ̀, owó iná àti omi. Ẹ wo bó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ọ̀nà báǹkì lọmọ náà ń gbà fi owó ránṣẹ́, iye ìjọba ni wọ́n sì fi ń ṣẹ́ ẹ fún un, bí 460 sí dọ́là kan, nítorí náà 217 dọ́là ló ń jáde lápò rẹ̀ kí 100,000 tó dé ilé. Bàbá rẹ̀ sì ń fi 100,000 kan náà ra dọ́là ní 750, ó ń rí 133. Dọ́là 84 ń ṣòfò láàárín bàbá àtọmọ lóṣooṣù, ẹnì kankan ò sì jí i.

Wọ́n wá dá a dúró. Pẹ́ńṣàn Ẹ̀gbọ́n kì í kúrò ní Ìbàdàn mọ́, òun ló ń san owó mègáàdì, oògùn Ìyá àti iná, èyí tó kù ń lọ sápò páànù. Dọ́là tọ́mọ ì bá fi ránṣẹ́ ń dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ń ra oògùn bàbá rẹ̀. Lónìí tí iye ìjọba àti iye ọjà ti súnmọ́ra, èrè orí ṣíṣẹ́ owó ti kéré gan-an, kì í ju dọ́là bíi mélòó kan lọ. Àǹfààní tó kù ni pé dọ́là lè gòkè lọ́la, kí owó mègáàdì ṣì wà níbi tó wà títí di oṣù díẹ̀ sí i.

Mi ò sọ pé ó wo ọgbẹ́ náà sàn. Owó ọjà ní Ìbàdàn náà ń tẹ̀lé dọ́là, ó kàn ń rìn lẹ́yìn ni, oògùn sì lè sáré ju mègáàdì lọ torí òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí kò sì ní ohun kan tó ń ná lé lórí nílé, ọgbọ́n yìí ò bá a mu. Irú wọn ni mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n máa ṣẹ́ pẹ́ńṣàn lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù láìwo ojú ọjà, kí dọ́là oṣù mẹ́fà sì máa wà ní ìpamọ́ kí wọ́n tó fi ẹnu ṣèlérí ohunkóhun ní dọ́là.

Ẹ̀gbọ́n ṣì ń pè mí ní Sátidé. Tẹ́lẹ̀, “Dọ́là ti di mélòó?” ló máa ń ṣáájú ìkíni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta oògùn ìfúnpá Ìyá ní Dùgbẹ̀, wọ́n sì ní kí n sọ fún mègáàdì pé kó gé igi máńgòrò tó tẹ̀ sórí páànù.