Fasuba, Simbine, Omanyala: ta ni ẹsẹ̀ ẹ̀ yá jù?

Délé Ifẹ̀: Ẹ bá mi dá sí i. Nínú eré mítà 100, Fasuba ti Nàìjíríà sá ìṣẹ́jú-àáyá 9.85 ní Doha ní 2006, atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn jẹ́ mítà +1.7 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Simbine ti South Africa sá 9.84 ní Hungary ní 2021, +1.2. Omanyala ti Kenya sá 9.77 ní Nairobi lọ́dún kan náà, +1.2. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó tíì sá irú ẹ̀ rí nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sá a. Bí a bá yọ atẹ́gùn àti òkè kúrò, ta ni ọ̀gá?

Bísí Lágéré: Omanyala ni, ó tán. Ṣebí kò sẹ́ni tó kọjá 2.0 nínú wọn? Atẹ́gùn tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.

Túnjí: Bísí gba Omanyala, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí ẹ̀. Nairobi ga, èémí kì í dé ẹni tó bá ń sáré níbẹ̀. Ká ní Doha ló ti sá a ni, ì bá yára ju 9.77 lọ.

Fẹ́mi Físíìsì: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Bísí, 2.0 yẹn kàn ń sọ iye tí wọ́n á fi gba eré náà sílẹ̀ ni. Ẹni tó sá 10.00 pẹ̀lú +2.0, ká ní atẹ́gùn dákẹ́, nǹkan bíi 10.11 ni yóò sá. Bí atẹ́gùn 2.0 kan náà bá kọjú sí i, ìyà tí yóò fi jẹ ẹ́ pọ̀ ju oore tó ṣe é lẹ́yìn lọ, ó tó 0.13.

Túnjí, ẹni tó ń sá 5000 ni èémí máa ń dà láàmú lókè. Ẹni tó ń sá 100 ti gbé agbára ẹ̀ sínú iṣan kí ìbọn tó dún. Afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́nà ló ń bá jà, ti Nairobi kò sì ki tó ti etí òkun. Torí náà òkè ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ìṣirò kan wà tí Jonas Mureika, onímọ̀ físíìsì, ṣe. Òun ni mo máa ń lò:

```
t0 = t * (1.03 - 0.03*exp(-0.000125*H) * (1 - w*t/100)^2)
```

`t` ni àkókò tó sá, `w` ni atẹ́gùn, `H` ni bí ibẹ̀ ṣe ga tó ní mítà. Mo fi nǹkan bíi 1600 sí Nairobi, Doha kò sì ga rárá. Omanyala bọ́ sí 9.88, Simbine 9.91, Fasuba 9.94. Omanyala ṣì ni ọ̀gá, àmọ́ 0.07 tó fi ju Simbine ti di 0.03.

Kóòṣì Iléṣà: Ẹ ṣé o. Ọmọ tèmi kan sá 10.9 lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ní kò tó láti mú un lọ. Ṣebí orí òkè ni Iléṣà wà? Kí ẹ bá wa dín in kù.

Fẹ́mi Físíìsì: Kóòṣì, ẹ má bínú, òdì kejì ni. Bí òkè bá ràn án lọ́wọ́, àfikún la ó ṣe. Iléṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 400, ìyẹn ò sì ju 0.016 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi mú àkókò náà?

Kóòṣì Iléṣà: Wọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ni.

Fẹ́mi Físíìsì: Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ọwọ́ máa ń pẹ́ kó tó tẹ wọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìbọn bá dún. 0.24 ni wọ́n ń fi kún un kó tó bá ti ẹ̀rọ dọ́gba, èyí tó sọ 10.9 di 11.14. Ẹ sì wo bí 0.24 ṣe tóbi ju gbogbo òkè Iléṣà lọ.

Màmá Ṣẹ́gun: Mo ti jókòó ti ẹ̀rọ atẹ́gùn rí, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, lẹ́bàá ọ̀nà kìíní, mítà 50 sí ìlà ìparí, ìdúró ẹ̀ mítà 1.22. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láti ìgbà tí ìbọn bá dún ló fi ń wọn atẹ́gùn, tó ń pín in dọ́gba. Ẹni tó wà ní ọ̀nà keje lè má rí atẹ́gùn tí ẹ̀rọ rí. A tún máa ń gbé e sókè ni: bí ó bá ka 1.61, 1.7 la ó kọ. Kí Fẹ́mi ṣírò ìyẹn fún wa.

Fẹ́mi Físíìsì: Ìyá wa, ti 1.61 kò mú nǹkan wá, 9.94 náà ni. Ṣùgbọ́n ti ọ̀nà yẹn mú mi. Ká ní 1.2 ló fẹ́ gan-an níbi tí Fasuba wà, 9.94 á di 9.92. Mi ò lè wá fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé Simbine jù ú lọ.

Bísí Lágéré: Ṣé ẹ rí i? Ìṣirò tí kò lè ya 9.91 sọ́tọ̀ sí 9.92, kí la fẹ́ fi ṣe? Ohun tí aago kọ ni kí ẹ jẹ́ ká mú.

Fẹ́mi Físíìsì: Aago náà ló ní 0.01 péré ló wà láàárín Fasuba àti Simbine, òun ni ìwọ sì ń gbà gbọ́.

Túnjí: Ti 200 ńkọ́?

Màmá Ṣẹ́gun: Ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá yọ sí ojú ọ̀nà tó tọ́ la tó ń wọn tìyẹn. Ohun tó fẹ́ ní kọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi ìṣirò Fẹ́mi kàn án.

Kóòṣì Iléṣà: Ẹ dúró ná. Ṣé 0.24 yẹn, gbogbo ẹ̀ lẹ ó fi kún ti ọmọ yìí?