Ẹ wo bí àìsàn ṣe le tó kí ẹ tó ka iye tó gbádùn

“Ẹ jọ̀ọ́, ká ní ní ilé ìwòsàn kan l'Ákùúrẹ́, èèyàn 67 nínú 100 ló gbádùn ní wọ́ọ̀dù A, 82 ní wọ́ọ̀dù B. Ṣé kì í ṣe B ni kí n gbé ìyá mi lọ?”

Ẹ má tíì gbé màmá lọ síbẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí àìsàn oníkálukú ṣe le tó lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á wọlé. Ó lè jẹ́ pé èèyàn 80 ni àìsàn wọn le ní A, tí 48 sì gbádùn. 20 yòókù kò le, 19 gbádùn. Ní B, 20 péré ló le, 10 gbádùn. 80 kò le, 72 gbádùn.

Ẹ wá fi wọ́n wéra. Láàárín àwọn tí àìsàn wọn le, ìdá 60 nínú 100 ló gbádùn ní A, 50 ní B. Láàárín àwọn tí kò le, 95 ni A, 90 ni B. A ló borí níbi méjèèjì! Àwọn tí àìsàn wọn fúyẹ́ tó kún B ló gbé àpapọ̀ rẹ̀ ga. Onímọ̀ ìṣirò kan, Edward Simpson, kọ̀wé lórí irú èyí ní 1951.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi bí àìsàn ṣe rí lẹ́yìn ìtọ́jú pín wọn, torí ìtọ́jú tí kò dáa lè sọ èyí tó fúyẹ́ di líle.