Èsì fún oníbàárà wa: ìdí tí omi kò fi gòkè, àti bí ẹ ó ṣe tún dráífù sùmó tò

"Ìràwọ̀ méjì. Sùmó mi 5.5 kW ni, ẹ wá ta dráífù ACS580 ti 7.5 kW fún mi. Mo ṣètò ìgbéra rẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ó lè rọra gbéra, ṣùgbọ́n ní 25 Hz ó kàn ń yí lásán ni, omi kò jáde, mọ́tò sì ń gbóná. Mo ní kí kọ̀ńtúróla kọ 1151 sí i lórí Modbus, kò gbéra rárá."

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tan sùmó yẹn títí ẹ ó fi yí ìgbéra rẹ̀ padà, torí bẹ́árìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni 30 yẹn ń jẹ.

Bẹ́árìn tó ń ru ìwúwo ọ̀pá sùmó kì í lo gíríìsì. Omi tín-ín-rín tó wà láàárín irin méjèèjì ló ń gbé e, omi náà kì í sì í dúró níbẹ̀ àyàfi tí ọ̀pá bá ń sáré. Ìdí nìyẹn tí Franklin Electric, tó ń ṣe mọ́tò sùmó, fi ní kí mọ́tò ti 0 dé 30 Hz láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1, kí ó sì ti 30 Hz dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Pẹ̀lú ètò tiyín, ìṣẹ́jú àáyá 18 ló ń gbà kó tó dé 30 Hz, irin sì ń ha irin ní gbogbo àkókò yẹn. Ìgbéra pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ yẹ pọ́ǹpù orí ilẹ̀. Kò yẹ sùmó.

ACS580 máa ń ka àkókò yìí láti 0 dé iye tó wà ní nọ́ńbà ètò 46.02, ìyẹn 50 Hz. Nítorí náà, ẹ fi 1.6 sí 28.72 tó wà fún ìgbéra àti 28.73 tó wà fún ìdúró, kí ẹ sì fi 21.03 sí Ramp. Á dé 30 Hz kí ìṣẹ́jú àáyá 1 tó pé.

Ní ti omi: tí eré bá já sí ìdajì, agbára tí pọ́ǹpù fi ń gbé omi sókè á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìwé pọ́ǹpù yín sọ pé mítà 100 ló lè tì í dé ní 50 Hz tí fáàfù bá wà ní títì. Ní 25 Hz, mítà 25 péré ni. Láti ojú omi yín dé ẹnu táńkì sì jẹ́ mítà 45. Omi kò lè jáde níbẹ̀, mọ́tò kò sì rí omi tútù tó ń ṣàn kọjá lára rẹ̀, ló bá ń gbóná. Nǹkan bíi 33.5 Hz ni agbára rẹ̀ tó bá mítà 45 dọ́gba. Ẹ fi 36 sí 30.13, kó má lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dráífù 7.5 kW tí a fún yín kì í ṣe àṣejù. 13.0 A ni wọ́n kọ sára mọ́tò yín, torí mọ́tò sùmó máa ń jẹ iná ju mọ́tò orí ilẹ̀ tó ní agbára kan náà lọ. Dráífù 5.5 kW irú èyí, 12.6 A ni òpin rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín lè fúnni ní 17 A. Ṣùgbọ́n 13.0 ni kí ẹ tẹ̀ sí 99.06, kì í ṣe 17, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ààbò mọ́tò á máa wòran nígbà tí mọ́tò bá ń jóná. Ẹ da ìyókù kọ láti ara mọ́tò bó ṣe wà: 400 V sí 99.07, 50 Hz sí 99.08, 2860 sí 99.09, 5.5 kW sí 99.10. Ẹ jẹ́ kí 99.04 wà ní Scalar.

Fún Modbus, ẹ ṣe èyí:

```
58.01 = Modbus RTU
20.01 = Embedded fieldbus
28.11 = EFB ref1
58.06 = Refresh settings
```

Àdírẹ́sì, eré Modbus àti parity (58.03 sí 58.05) gbọ́dọ̀ bá ti kọ̀ńtúróla mu. Tí ẹ bá yí èyíkéyìí nínú wọn, 58.06 ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ ni dráífù á ṣì máa lò.

1151 nìkan kò lè tan án. Dráífù fẹ́ kọ́kọ́ rí 1150 ní rẹ́jísítà 40001, kó tó rí 1151. Ìyípadà láti ọ̀kan sí èkejì ni àṣẹ ìgbéra. Ní rẹ́jísítà 40002, níbi tí a ń kọ eré sí, 20000 ló dúró fún 50 Hz, 14400 sì ni 36 Hz. Tí ẹ bá kọ 50 síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé Hz ni, á kàn dúró sórí 36 ni.

Ẹ jẹ́ kí kọ̀ńtúróla bẹ̀rẹ̀ ní 14400, kó wá rọra gùn ún dé 20000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Tó bá fẹ́ pa á, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà sí 14400 bákan náà, kó tó kọ 1150. Omi tó ń ṣàn á ti dín kù gan-an kí mọ́tò tó dúró, kò ní fi ipá gbá páìpù. Ẹ fi 58.14 sí Fault àti 58.16 sí 3, kí pọ́ǹpù lè dúró tí wáyà Modbus bá já. Nọ́ńbà àṣìṣe 6681 lẹ ó rí lójú dráífù.

Tí omi bá ṣì kéré ní 50 Hz, ó lè jẹ́ pé mọ́tò ń yí sẹ́yìn ni. Ẹ pa iná, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, kí ẹ pààrọ̀ wáyà méjì níbi tí dráífù ti ń fún mọ́tò níná. Ẹ wá ka 01.07, ìyẹn iye iná tí mọ́tò ń jẹ, fún wa ní 50 Hz. Tó bá ju 13.0 lọ, ẹ pa á kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí wa.