Omi Kẹrin Ṣì Ń Dúdú

Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀gbé: Ẹ kú ilé o. Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá márùn-ún ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ró o ni ìdí bùbá léèsì funfun mi di búlúù, itan mi gan-an ò gbẹ́yìn. Mo rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, omi kẹrin ṣì ń dúdú. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Báwo ni kí n ṣe fọ̀ ọ́?

Kọ́lá Ìjẹ̀bú: Iyọ̀ yín ni ò pọ̀ tó. Ẹ bu ìkúnwọ́ mẹ́ta, kí ẹ da fínígà ife kan sí i. Gbogbo aṣọ tó bá ń ṣí nílé wa, bí màmá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Fúnmi: Tèmi ò ràn mọ́ nǹkan kan o, ṣùgbọ́n ó le gbagidi bíi pákó, ó sì ń họ mi lára. Ṣé iyọ̀ náà ni kí n lò?

Ọmọ Aláró: Àǹtí Fúnmi, ẹ̀kọ ló kù lára tiyín, ọ̀rọ̀ aró kọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, á rọ̀, kí ẹ wá rọra fi ọwọ́ pa á dànù.

Ẹ̀yin Ìyàwó, iyọ̀ ò ràn yín lọ́wọ́, kò sì lè ràn yín lọ́wọ́. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró ìyá ìyá mi ni mo ti mọ ọ̀nà ilé ìwé. Nínú ìkòkò, aró kì í ṣe búlúù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ewé tó ti pọ́n díẹ̀, ó sì yọ́ mọ́ omi, òun ló fi ń wọ inú òwú. Tí màmá bá fa aṣọ jáde, ewéko ló máa kọ́kọ́ jọ. Kí o tó ṣẹ́jú mélòó kan, atẹ́gùn ti kàn án, ó ti ń di búlúù lójú rẹ. Ibi tó ti di búlúù yẹn, kò yọ́ mọ́ omi mọ́. Ó ti di ẹ̀tù kíkúnná tó há sínú òwú, bí eruku ṣe ń há sínú ẹní. Èyí tó wọlé jinlẹ̀ dúró. Èyí tó kàn bà lé ojú aṣọ ló kó bá bùbá yín. Kí ni iyọ̀ fẹ́ dì mú lára ẹ̀tù?

Kọ́lá Ìjẹ̀bú: Àbúrò, mo ti fi iyọ̀ fọ aṣọ pupa kan, ó sì dáwọ́ ṣíṣí dúró. Ojú ara mi ni mo fi rí i.

Ọmọ Aláró: Ẹ̀gbọ́n, mi ò jiyàn aṣọ pupa. Àwọn aró kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ń yọ́ sínú omi, iyọ̀ lè dá wọn dúró sára aṣọ nígbà tí ẹ ń fọ̀ ọ́, wọ́n á tún ṣí tí omi lásán bá kàn wọ́n. Aró búlúù yìí ò sí nínú wọn.

Ìyá Àdìrẹ, Ìtòkú: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwa tó wà lọ́jà mọ̀ pé púpọ̀ nínú èyí tí à ń tà báyìí kì í ṣe ewé èlú. Aró inú ike ni, pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti háídírò, àbẹ́là sì ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ọnà dípò ẹ̀kọ láfún. Tí àdìrẹ bá ń ràn bẹ́ẹ̀, ẹni tó rẹ ẹ́ ló ṣọ̀lẹ: kò ṣan án tó. Èyí tí wọ́n bá ṣan dáadáa kì í ràn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Aláró: Màmá, mo gbà pé àìṣan wà níbẹ̀. Ọwọ́ kíá náà tún wà níbẹ̀. Ìyá àgbà á ti aṣọ bọ aró, á fà á jáde kí atẹ́gùn kàn án, á tún tì í bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá rì í sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, tó sì fi í sílẹ̀ títí, aṣọ á dúdú lójú, ṣùgbọ́n ojú lásán ló dúdú. Ní ti kó má ràn rárá, ó ṣòro fún mi láti gbà. Àwọn àgbà fẹ́ kó ràn díẹ̀, wọ́n tún ń fi òòlù igi lu aṣọ kó lè máa dán.

Ẹ̀yin Ìyàwó, ẹ bu omi tí ẹ fi ṣan án sínú ife dígí, kó má ní ọṣẹ o, ọṣẹ ò ní jẹ́ kó sùn. Ẹ gbé e sílẹ̀ di àárọ̀. Tí ìsàlẹ̀ bá rọ̀ bí ẹrẹ̀ tí òkè sì mọ́, ẹ̀tù ni. Tó bá dúró búlúù bíi tíì, aró mìíràn ni wọ́n fi kún un.

Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀gbé: Ilẹ̀ ti mọ́. Òkè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán, ìsàlẹ̀ ní ẹrẹ̀ búlúù tó tinrin. Ṣé èlú gidi ni nìyẹn?

Ìyá Àdìrẹ, Ìtòkú: Rárá o. Tinú ike náà ń sùn bẹ́ẹ̀. Ife ò lè sọ fún ẹ pé ewé ni. Ó kàn sọ pé fífọ̀ ló kù. Gba abọ́ ńlá kí aṣọ náà lè gbilẹ̀. Omi tútù, máa fì í, má fún un, pààrọ̀ omi. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, lẹ́ẹ̀kan, tún padà sí omi tútù. Wá rin aṣọ ìnujú funfun, fi nu ìṣẹ́tí rẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Bó bá ṣì mú búlúù, má fi funfun sún mọ́ ọn.

Màmá T., Pẹ́kámù: Ẹ̀rọ ni mo fi fọ tèmi níbí, 40 ni mo yí i sí. Ó jáde pẹ̀lú ìlà funfun gbọọrọ bí ẹni pé ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Kí ló ṣe é?

Ọmọ Aláró: Ẹ̀rọ ti lọ́ ọ pọ̀. Ibi tó ṣẹ́po ló ń fi ara gbo ara, ẹ̀tù ojú rẹ̀ yọ níbẹ̀ nìkan. Kò ṣeé tún ṣe àfi kí wọ́n tún un rẹ. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ yí inú rẹ̀ síta, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sí ìbòòji.

Kọ́lá Ìjẹ̀bú: Bùbá funfun náà ńkọ́? Bílíìṣì àti fínígà pọ̀ ló máa yọ ọ́.

Ìyá Àdìrẹ, Ìtòkú: Ẹ má po méjèèjì pọ̀ láé! Èéfín rẹ̀ á gún yín lọ́fun, ó lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Ọṣẹ àti omi gbígbóná díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lò, lọ́pọ̀ ìgbà. Tí léèsì náà bá jẹ́ òwú funfun pátápátá, bílíìṣì tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ lè tẹ̀lé e. Kó má ta sí àdìrẹ o, ó máa jẹ aró rẹ̀ tán, ojú ibẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Màmá T., Pẹ́kámù: Ọṣẹ dúdú ni màmá mi fi ń fọ tirẹ̀.

Ìyá Àdìrẹ, Ìtòkú: Ọṣẹ dúdú le jù, eérú ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Aláró: Omi eérú kan náà la fi ń po aró, màmá. Kò tíì bà á jẹ́ lójú mi.

Ìyá Àdìrẹ, Ìtòkú: Tìrẹ ni yẹn. Èmi ò ní fi fọ aṣọ oníbàárà.

Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀gbé: Omi keje ni mo wà báyìí. Aṣọ ìnujú mú búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bùbá dúdú ni màá fi wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ l'ọ́jọ́ Sátidé.